Àpótí tó ń mú fílámẹ́ǹtì gbẹ: ẹ má gba nọ́ńbà ojú rẹ̀ gbọ́

Fílámẹ́ǹtì ni okùn ike tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ń yọ́ fi mọ nǹkan. Ti náílọ́nù tí àpótí yìí yan mọ́jú ló ń ta pàrà-pàrà lẹ́nu ẹ̀rọ bí àgbàdo lórí iná. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń rú, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara okùn tó ń jáde. Omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ojú àpótí ń kọ ooru 70°C àti ọ̀rinrin 14%.

Mo pe àwọn tó tà á. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá ti kọ 14%, ó ti gbẹ. Nọ́súlù yín ni kẹ́ ẹ wò." Mo ní tuntun ni nọ́súlù, ẹnu ẹ̀rọ tí ike yíyọ́ ń gbà jáde. Ó ní kí n pa àpótí, kí n tún un tàn. Inú bí mi gidi! Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti fílámẹ́ǹtì, ti afẹ́fẹ́ inú àpótí ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba omi ju tútù lọ, torí náà bí ooru bá ti gòkè, ìdá ọ̀rinrin á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí ẹ̀kán omi kan ò bá kúrò níbẹ̀. Tó bá tutù, náílọ́nù á tún fa omi náà mu.

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ló tú àṣírí. Róòlù náà wọn 1,236 gíráàmù kó tó wọlé, ó jáde ní 1,234. Tẹ̀mómítà tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ 58°C.

Nígbà tí mo tún pè, obìnrin kan ló gbé e, Ọlọ́run á bù kún un. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ìdérí yẹn ló dé pa jù. Ẹ fi igi ìṣáná há a kó ṣí díẹ̀, kí omi ríbi gbà jáde. Kẹ́ ẹ sì gbé ooru sí 85, ibẹ̀ ni 70 gan-an wà." Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀, wọn ò kàn kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá!

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti di 1,225. Mo dá a padà sínú àpótí títí ìwọ̀n ò fi dínkù mọ́, ní 1,221. Omi gíráàmù 15 nínú kìlógíráàmù kan! Mo ti díẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́ lásán: ó ń dán, kò sì dún. Tààrà látinú àpótí ni mo ti ń lò ó, torí níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti rin, wákàtí díẹ̀ ti tó fún náílọ́nù láti tún mu omi.

PETG, irú ike fílámẹ́ǹtì mìíràn, ò ṣòro láti mú gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ní 65°C gidi tó o; bí ooru bá sún mọ́ 80, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ra. Tirẹ̀ kì í sábà pariwo. Okùn tín-ín-rín tó ń nà káàkiri iṣẹ́ àti ike tó ń ṣù mọ́ nọ́súlù lẹ máa rí. Ooru nọ́súlù tó pọ̀ jù náà ń fa okùn yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yan án gbẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́tíǹgì kankan.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un. Obìnrin yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀.