Hẹ́dífóònù tàbí pẹ́dà ẹsẹ̀: èwo ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdàkọ ohùn kọ́kọ́ rà?

Iṣẹ́ àdàkọ ohùn ni kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó sì máa tẹ ohun tó gbọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó náwó sí irinṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀. Ìye ìṣẹ́jú tó wà nínú ohùn ni wọ́n sábà máa ń sanwó lé, wọn kì í wo wákàtí tí ẹ fi jókòó tì í. Ẹni tó ti mọwọ́ iṣẹ́ lè lo wákàtí mẹ́rin lórí ohùn wákàtí kan tó dún ketekete. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á lo mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní wọ́n ń san 40 sẹ́ǹtì owó dọ́là lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fún yín ní ohùn ìṣẹ́jú 10. Dọ́là 4 ni gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ ó sì lo bíi wákàtí kan lórí rẹ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, tí fáànù tún ń pariwo lẹ́yìn wọn, wákàtí kan ààbọ̀ lè lọ sí i, dọ́là 4 náà ni wọ́n á san. Nítorí náà, ohun tó bá ń dín àkókò tàbí àṣìṣe kù nìkan ló yẹ ní rírà.

Hẹ́dífóònù

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń béèrè pé kí iṣẹ́ péye tó ìdá 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ 1,500 ló wà nínú ìṣẹ́jú 10 yẹn. Ìdá 98 túmọ̀ sí pé àṣìṣe yín ò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ìdá 99 sì fi yín sí 15 péré. Kì í ṣe ìka tó ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ jù. Ohun tí kò gbọ́ tán tó sì méfò rẹ̀ ni. Ẹni tó sọ pé "A ò san án" àti ẹni tó sọ pé "A ó san án," ohùn orí fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ariwo díẹ̀ sì lè bo fáwẹ́lì yẹn mọ́lẹ̀.

Èyí tó bo gbogbo etí, tó ní wáyà, ni kí ẹ rà. Ó ń dá ariwo ilé dúró, kì í sì í dun etí bíi yíàpíìsì tí wọ́n ń kì bọ inú etí fún wákàtí mẹ́fà. Ti búlútúùtù rọrùn lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan nínú wọn máa ń sùn lọ tí ẹ bá dá ohùn dúró. Tí ẹ bá tún ṣí i, wọ́n á ti gé sílébù àkọ́kọ́ jẹ. Ẹ ó sì máa dá ohùn dúró ní àìmọye ìgbà.

Níbi tí etí ò bá ti gbọ́ rárá, ẹ má ṣe méfò. Ẹ fi àmì tí ìlànà iléeṣẹ́ bá ní kí ẹ lò sí i, bíi `[inaudible 03:12]`.

Pẹ́dà ẹsẹ̀

Pẹ́dà ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dá ohùn dúró kó sì máa dá a padà sẹ́yìn, kí ọwọ́ má baà kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Irinṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ kì í fi ohun tí etí ò gbọ́ hàn yín. Nínú oTranscribe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà, `Esc` ń dá ohùn dúró, `F1` ń dá a padà díẹ̀, `F3` sì ń jẹ́ kó rọra lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ti mọ bọ́tìnnì mẹ́ta yìí lè pẹ́ gan-an kó tó nílò pẹ́dà. Inú bráúsà yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín ń wà o. Tí ẹ bá nu dátà rẹ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, torí náà ẹ máa fi ẹ̀dà pamọ́ síbòmíì.

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Express Scribe ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo pẹ́dà máa ń lò. Tí iṣẹ́ bá ń wá ní fáìlì DSS tí àwọn dókítà àti lọ́yà fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ ó nílò ẹ̀dà Express Scribe tí wọ́n ń sanwó fún.

Ká ní pẹ́dà jẹ́ dọ́là 60. Pẹ̀lú 40 sẹ́ǹtì lórí ìṣẹ́jú, ohùn 150 ìṣẹ́jú ni ẹ ó kọ kí owó rẹ̀ tó padà wọlé, ìyẹn bíi wákàtí 15 lórí àga. Ẹni tó ń gba ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 15. Ẹni tó ń kọ ohùn wákàtí kan lójoojúmọ́ á rí owó rẹ̀ kó jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, irú wọn ni kó ra pẹ́dà. Tí iléeṣẹ́ kan bá sì ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó ṣe ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fi owó yẹn ra hẹ́dífóònù.