Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ àti iná Nẹ́pà: èwo ló ń tú CO₂ jù?

Okun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ ní Kàbbà, Isánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí ná kẹ́ ẹ tó kó owó sílẹ̀. Ohun táwọn tó ń tà á sọ fún àǹtí mi ni pé "èyí tó tóbi ló dáa, kò ní dà yín láàmú", bó ṣe lọ gbé 3.5kVA wálé nìyẹn, nítorí fírísà kan, fáànù kan àti gílóòbù méjì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Èmi ní tèmi fẹ́ mọ iye CO₂, gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, tó ń jáde nídìí ẹ̀, ni mo bá gbé mítà kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fa epo inú táǹkì gbẹ, mo wá wọn lítà kan péré sí i, mo ní ká jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra ẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mítà sọ, ẹ jẹ́ ká wo epo náà fúnra ẹ̀. Lítà pẹtiró kan ò tiẹ̀ wúwo tó kílò kan, nǹkan bíi kílò 0.74 ni. Ṣùgbọ́n CO₂ tó ń jáde tó bá jóná tán jẹ́ kílò 2.3. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, àǹtí ní irọ́ ni mò ń pa, pé báwo ni nǹkan ṣe máa jóná tán kó tún wá wúwo sí i? Afẹ́fẹ́ ni o. Kábọ́ọ̀nù inú lítà yẹn jẹ́ bíi kílò 0.63, tí iná bá ti mú un, á lọ so mọ́ ọ́síjìn tí ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé láti ìta, kábọ́ọ̀nù tó bá wúwo tó 12 á wá di CO₂ tó wúwo tó 44:

0.63 × 44 ÷ 12 = 2.31

Nítorí náà, yálà jẹnẹrétọ̀ yín jẹ́ tuntun ni àbí tòkunbọ̀, lítà kan tó bá jóná dáadáa, kílò 2.3 náà ni. Kò sẹ́ni tó lè ta èyí tí tiẹ̀ á dín kù fún yín. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni iye iná tẹ́ ẹ rí gbà nínú lítà yẹn. (Ẹ má sì fi ojú wá a o, CO₂ ò ní àwọ̀ kò sì ní òórùn. Èéfín dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí, nǹkan míì nìyẹn, èyí tó sì máa ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́síàdì ni, CO, òun náà ò ṣeé fojú rí.)

Ó yá, iná Nẹ́pà. Yúníìtì kan tẹ́ ẹ̀ ń rà sórí mítà prepaid, kWh kan ni, bíi kẹ́ ẹ tan áyọ́ọ̀nù 1000W fún wákàtí kan. Iná tó ń wọlé wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí, gbogbo ẹ̀ ló ti dàpọ̀ lórí wáyà ńlá: ti gáàsì wà níbẹ̀, bíi ti Geregu lọ́hùn-ún ní Àjàòkúta tó wà nínú Kogi wa yìí, ti omi náà wà níbẹ̀, Kainji, Jebba àti Shiroro. Gáàsì ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fi í sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tọ́báìnì gáàsì lásán máa ń tú bíi kílò 0.6 lórí yúníìtì kan, tomi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kankan, ó wá di 0.45. Iná tún máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà kó tó dé Kàbbà, tá a bá ní ìdá kan nínú márùn-ún ló ṣòfò, 0.45 ÷ 0.8 máa fún wa ní nǹkan bíi 0.56. Kílò 0.56 yìí ni màá fi ṣe ìfiwéra.

Ká padà sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí. Fírísà, fáànù àti gílóòbù, gbogbo ẹ̀ ń fa bíi 250W. Lítà kan gbé 3.5kVA yẹn fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, mítà ka 0.42. Ìyẹn ò tó ààbọ̀ yúníìtì! Ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn, bóyá ẹ gbé ẹrù lé e, ìyẹn àwọn nǹkan tó ń lo iná, àbí ẹ ò gbé e, eré kan náà ló ń sá, ó sì ń jẹun lórí eré yẹn. Mo tún gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo wọn lítà kan míì, lọ́tẹ̀ yìí mo fi áyọ́ọ̀nù 1000W kún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ gbogbo ilé. Epo tán lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àmọ́ mítà ka bíi 1.3. Lítà kan náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà, iná tá a rí gbà fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo yá àbúrò ẹ̀ kékeré wò, àìbẹ́tà-pásì-máì-nébọ̀ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, mo sì tún yá èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń dín eré kù tí ẹrù bá kéré, tí wọ́n ń pè ní jẹnẹrétọ̀ ínfátà, ti 2kVA. Bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí rèé:

| Ohun tá a lò (lítà kan) | Yúníìtì tó jáde | CO₂ lórí yúníìtì kan | CO₂ tó bá jẹ́ Nẹ́pà ló gbé iná yẹn |
|---|---|---|---|
| 3.5kVA, 250W | 0.42 | kílò 5.5 | kílò 0.24 |
| Àìbẹ́tà, 250W | 0.55 | kílò 4.2 | kílò 0.31 |
| Ínfátà 2kVA, 250W | 0.75 | kílò 3.1 | kílò 0.42 |
| 3.5kVA, 1250W | 1.3 | kílò 1.8 | kílò 0.73 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: kílò 2.3 ló jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, kílò 0.24 ni Nẹ́pà ò bá tú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Níbi tí ẹrù pọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ fi "iye báyìí" burú ju Nẹ́pà lọ láì béèrè ẹrù tó wà lórí ẹ̀, kò tíì wọ̀n ọ́n wò.

Àìbẹ́tà yẹn o, kò lè gbé fírísà náà dìde fúnra ẹ̀, torí tí kọ́mpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iná tó ń fà máa ń di ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún fún ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀ á kàn rẹ̀ wálẹ̀ á kú. Gílóòbù àti fáànù ni mo fi pé 250W fún un. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ní ká ra ńlá nìyẹn, irọ́ kọ́ pátápátá. Ínfátà 2kVA gbé e dìde, ó kígbe díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin máa ní Nẹ́pà ò kúkú sí, kí là ń fi í wéra fún? Òótọ́ ni. Ẹni tó ní bátìrì tó ń gba agbára lọ́wọ́ Nẹ́pà nígbà tó bá wà, tá a bá ní ìdá kan nínú mẹ́rin ṣòfò nínú bátìrì, 0.56 á di 0.75 lórí yúníìtì, ó ṣì dín sí ààbọ̀ ti jẹnẹrétọ̀ tó ṣe dáadáa jù nínú tábìlì yẹn. Kódà tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ fi cháàjì bátìrì, ẹ tan án fún wákàtí méjì pẹ̀lú ẹrù tó wúwo kẹ́ ẹ sì pa á, ó sàn ju kó máa kùn látàárọ̀ dalẹ́ nítorí fáànù kan.

Tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà? Ẹ ṣe ohun tí mo ṣe yẹn níwájú ẹni tó ń tà á, lítà kan àti áyọ́ọ̀nù kan. Tí èéfín dúdú bá ń jáde, ẹ tú fílítà afẹ́fẹ́ wò, eruku ọyẹ́ máa ń dí i pa, epo á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, lítà yín á tètè tán, yúníìtì á sì kéré. Èéfín tó fẹ́ pọ́n búlúù lára ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Àǹtí ti ta 3.5kVA náà fún ẹnì kan tó ń lọ ata, ẹrù tiẹ̀ tó o.