Bí Olùkọ́ Ṣe Sọ Ọ́, Tàbí Bí Kókó Ṣe Jọra?

Ọ̀nà méjì la lè gbà to ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá a gbà sílẹ̀ tá a sì kọ jáde: ká tẹ̀ lé bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́, tàbí ká kó àwọn kókó tó jọra pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ákùúrẹ́ lè gbà sórí fóònù kó sì tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Olùkọ́ dárúkọ fáítọ́fítọ́rà, tó ń fa àrùn náà, ní ìṣẹ́jú 6. Ó bọ́ sórí oògùn. Ní ìṣẹ́jú 41 ló tó padà sọ pé òjò àti ọ̀rinrin ló ń tàn án kálẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wá, ká kàn fi àkòrí síbi tí olùkọ́ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó yá láti ṣe, ó sì dára fún ìṣirò tó ń lọ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Àmọ́ níbí, ohun tó ń fa àrùn á wà lójú ewé kìíní, bó ṣe ń ràn á wà lójú ewé kẹjọ.

Èkejì ni mo fara mọ́ fún irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí: ká kọ́kọ́ kọ àkòrí mẹ́rin, Ohun tó ń fà á, Àmì, Bó ṣe ń ràn, Ìdènà, ká wá kó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewu rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ bíi "ìyẹn". Bí "ìyẹn ló ń jẹ́ kó le nígbà òjò" bá kúrò níbi tó wà, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Ẹ fi "ọ̀rinrin" rọ́pò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e.

Ní ọ̀nà méjèèjì, ibi tí olùkọ́ ti ṣàlàyé fáítọ́fítọ́rà nìkan ni kẹ́ ẹ ti fi lẹ́tà tó nípọn kọ orúkọ náà.