Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ní 6: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àtúnṣe fáìlì tó bàjẹ́

Àpótí D287 nínú fáìlì Excel tí mo ń kọ máàkì sí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ǹ bá ti sanwó iṣẹ́ yìí, kí n dúpẹ́, kí n sì máa bá tèmi lọ. Máàkì ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́ kan fún sáà kẹta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fáìlì tí àwọn atúnfáìlìṣe orí ayélujára yìí dá padà fún mi kọ 6 síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ yìí, kò gba ohun tó kéré sí 60 rí, ìwé ìdánwò rẹ̀ sì wà lórí tábìlì mi, 68 ni mo fi bíírò pupa kọ sí i. Lójú ewé tí mo ti gba fáìlì náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àtúnṣe ti yọrí sí rere ní ìdá 100 nínú 100.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ti lo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe ń lọ: ẹ ó fi fáìlì tó bàjẹ́ ránṣẹ́, wọn ó fi díẹ̀ hàn yín nínú ohun tí wọ́n rí, ẹ ó sanwó, lẹ́yìn náà ni wọn ó jẹ́ kí ẹ gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni pé fáìlì náà bàjẹ́. Mo gbé e láti orí kọ̀ǹpútà lọ sórí fláàṣì, mi ò fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀, mo sì fa fláàṣì náà yọ nígbà tí iná orí rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Nígbà tí mo tún fi í bọ inú kọ̀ǹpútà, Excel ní òun kò lè ṣí fáìlì náà. Mo gbìyànjú `Open and Repair` tó wà nínú Excel fúnra rẹ̀, kò mú nǹkan kan jáde. Ṣíìtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sáà kan, akẹ́kọ̀ọ́ 412 ló sì wà nínú ṣíìtì kọ̀ọ̀kan, àkọlé sì gba ìlà kìíní.

Mo sanwó, fáìlì ṣí, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú òpó orúkọ. Nọ́mbà ló wà níbẹ̀: 14, 57, 203, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ti di nọ́mbà, 44816 ló wà níbi tó yẹ kí n ti rí ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ìgbà tí mo dé ṣíìtì kẹta ni mo rí 6 yẹn, kò sì sí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní ju akẹ́kọ̀ọ́ 286 lọ.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n, ó ní kí n fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣí fáìlì náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, 6 ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kejì sọ pé níwọ̀n ìgbà tí fáìlì náà ti ṣí, iṣẹ́ tiwọn ti parí. Mo wá bi í pé, "Ta ló kọ 6 síbẹ̀?" Ó ní, "Ohun tó wà nínú fáìlì yín ni a mú jáde." Mo fi ìbínú ti kọ̀ǹpútà náà pa. Ohun tó wá dùn mí jù lẹ́yìn náà ni pé, lọ́nà kan, òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Ẹ̀kẹta tí mo kọ̀wé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi lé obìnrin kan lọ́wọ́, láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó kọ sí mi ni pé, "Ẹ kú ìdààmú, sà. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sórí fláàṣì yẹn mọ́ o." Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà fáìlì tó bàjẹ́ náà, kí n máa fi ẹ̀dà ṣiṣẹ́, kí n sì fi èyí tó wà lórí fláàṣì sílẹ̀ láìfọwọ́kàn án. Ó bi mí léèrè iye báìtì tó jẹ́ gan-an. Mo wò ó, 98,304 ni. Ó ní òun ti fura bẹ́ẹ̀, nítorí pé 32,768 lọ́nà mẹ́ta géérégé ni, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ìpín sì ni fláàṣì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún fáìlì. Fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe déédéé bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dá a dúró láàárín kíkọ. Ó wá ní kí n tẹ èyí lórí ẹ̀dà mi:

```
unzip -t maaki.xlsx
```

Ìdáhùn tó jáde ni `End-of-central-directory signature not found`. Ó ṣàlàyé fún mi pé fáìlì Excel òde òní, sípì ni lábẹ́ aṣọ. Bí ẹ bá mú èyí tí kò bàjẹ́, tí ẹ fi `.zip` rọ́pò `.xlsx` ní ìparí orúkọ rẹ̀, ẹ ó rí àwọn fáìlì kéékèèké inú rẹ̀. Ìparí sípì ni wọ́n máa ń kọ àtòjọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Tí ìrù bá ti gé, àtòjọ ti lọ nìyẹn, sọ́fítíwíà á sì ní kì í ṣe sípì rárá, nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n fáìlì kéékèèké kọ̀ọ̀kan ṣì ní àmì tirẹ̀ níwájú, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà `PK`, àti orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe ni láti máa bá àmì wọ̀nyẹn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀:

```
zip -FF maaki.xlsx --out igbala.zip
```

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ó sì fi ohun tó rí hàn mí. Ṣíìtì kìíní àti ìkejì pé pérépéré, nọ́mbà ìṣàyẹ̀wò tí sípì fi pamọ́ fún wọn bá ohun tó wà nínú wọn mu. Bí ìkẹta ṣe parí nìyí:

```
<c r="C287" s="2"><v>44816</v></c><c r="D287"><v>6
```

Mo wo ìlà yẹn pẹ́ díẹ̀. 68 ni mo kọ, ṣùgbọ́n ibi tí 6 parí sí ni fáìlì ti gé, 8 kò bá a dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ wọn rí nọ́mbà tí kò tíì parí, ó pa ilẹ̀kùn àpótí náà dé fún un kí Excel má baà ráhùn, ó sì pe àbọ̀ nọ́mbà ní nọ́mbà. Ẹni tó bá ń ka fáìlì náà kò lè mọ̀ láéláé, torí pé 6 jẹ́ máàkì tí ọmọ lè gbà. Ká ní àmì àìdáa kankan wà níbẹ̀, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, mi ò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ àwọn orúkọ ńkọ́? Excel kì í kọ orúkọ sínú àpótí. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ `sharedStrings.xml` ló ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ sí, ẹyọ kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà ipò ọ̀rọ̀ náà ló sì ń fi sínú àpótí. Láti òdo ni wọ́n ti ń kà, nítorí náà 14 túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún. Fáìlì ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń wà lẹ́yìn àwọn ṣíìtì nínú sípì, òun àti `styles.xml` tó ń sọ fún Excel pé ọjọ́ ni 44816 jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìrù gígé fi kó orúkọ àti ọjọ́ lọ, tó sì fi máàkì sílẹ̀. (Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà tí orúkọ wọn jọ látòkèdélẹ̀, 57 ni àwọn méjèèjì, kíláàsì wọn nìkan ló yàtọ̀.)

Ó bi mí bóyá mo ti fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Mo rántí pé mo fi í ránṣẹ́ sí akẹgbẹ́ mi nínú ímeèlì ní ìparí sáà kìíní. Mo ti tún àwọn ìlà náà tò láti ìgbà náà, nítorí náà mi ò kàn lè gbé òpó orúkọ àtijọ́ lé orí tuntun. Ṣùgbọ́n ó mú `sharedStrings.xml` inú ẹ̀dà àtijọ́ yẹn, ó fi í sínú èyí tó gbà là, àwọn nọ́mbà sì tún di orúkọ. Kí n tó yọ̀, ó kìlọ̀ fún mi pé bí wọ́n bá ti pa orúkọ kan rẹ́ tàbí tí wọ́n fi sọ́fítíwíà mìíràn tọ́jú fáìlì náà láàárín, ipò àwọn ọ̀rọ̀ lè ti yẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn á sì bọ́ sórí máàkì ẹlòmíràn láìsí ìró kankan. Ó ní kí n mú 20 ìlà láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí n fi ìwé wé wọn. Mo ṣe é, ogún náà pé.

Ọ̀rọ̀ 401 ló wà nínú àtòjọ àtijọ́, láti 0 dé 400. Nọ́mbà 401 sí 422 kò ní orúkọ, àwọn ọmọ 22 tó dé ní sáà kejì ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti kíláàsì ni mo fi dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ nínú fọ́ọ̀mù, mo sì fi ìwé ìdánwò sáà kejì dá ìyókù mọ̀. Ká ní mo ti ní òpó fún nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ ni, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀, nítorí nọ́mbà kì í bá orúkọ lọ.

Ti ìlà 288 sí 413 nínú ṣíìtì kẹta, ìyẹn ọmọ 126, ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú pé, "Wọn kò sí nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, sà. Mi ò lè dá wọn." Ó fi kún un pé bó bá jẹ́ pé `00` ló kún fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, bí ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ pé, òun ì bá ní kí n má sanwó rárá. Alẹ́ méjì ni mo fi tẹ àwọn 126 náà padà láti inú ìwé ìdánwò. Fáìlì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ní D287 lófìfo, ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, lẹ́tà ìlà mẹ́rin kan sì bá a wá tó sọ ibi tí òótọ́ parí sí nínú ṣíìtì kọ̀ọ̀kan àti nọ́mbà tí kò ní orúkọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún fi fáìlì tó bàjẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wọn, mo kàn fẹ́ wò ó. Ó tún kọ 6, ó tún kọ ìdá 100 nínú 100.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Akẹgbẹ́ mi tó ka èyí ní 2 ló tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n kọ lẹ́tà yẹn sí.