Bí mo ṣe yọ lándìláìnì kúrò nínú nọ́ńbà 3,840 kí n tó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Nọ́ńbà kọ́sítọ́mà 3,840 ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn kan kọ ti ọ́fíìsì sílẹ̀, àwọn kan kọ ti ilé, bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ̀sì kì í sábà dé orí lándìláìnì, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á sì tún gbowó ẹ̀.

Iléeṣẹ́ méjì tó ń báni yẹ nọ́ńbà wò ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi nọ́ńbà 20 tí mo mọ̀ dájú dán wọn wò, alágbèéká 10, lándìláìnì 10, mẹ́ta nínú alágbèéká yẹn sì jẹ́ lándìláìnì tẹ́lẹ̀ kí àwọn tó ni wọ́n tó gbé wọn lọ sórí fóònù alágbèéká. Kíá ni ti àkọ́kọ́ dáhùn, àmọ́ gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè ní `landline`. Ìkejì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣì kankan. Díjíìtì iwájú nìkan ni àkọ́kọ́ ń wò, ìkejì sì ń yẹ àkọsílẹ̀ tí àwọn nẹ́tíwọ̀kì fi ń mọ ibi tí nọ́ńbà wà lónìí. Níbi tí wọn ò ti gbà kí lándìláìnì di alágbèéká, díjíìtì iwájú lè tó o, àmọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ojú kan náà ni méjèèjì ní, èèyàn ò lè fi díjíìtì iwájú dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ohun tó fẹ́ bà mí nínú jẹ́ jù ni fáìlì. Mo ṣí CSV mi nínú Excel, mo wá rí `4.47791E+11` níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, tí mo bá ti sefù ẹ̀ bẹ́ẹ̀, díjíìtì tó kù ti lọ nìyẹn o, kò sẹ́ni tó máa rí wọn mọ́. Ẹ sọ òpó nọ́ńbà yẹn di Text kẹ́ ẹ tó kó nọ́ńbà wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú `+` àti kóòdù orílẹ̀-èdè.

Mo yọ 212 tó wà lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 3,628. Ìkejì ni mo wá fún níṣẹ́: `mobile` 2,951, `landline` 402, `voip`, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, 188, `unknown` 87. Mi ò da 402 yẹn nù, torí àwọn iléeṣẹ́ kan ti jẹ́ kí lándìláìnì wọn máa gba tẹ́ẹ̀sì, mo kàn ní ká pè wọ́n ni. `unknown` náà, mo tún wọn yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, 51 nínú wọn já sí `mobile`.

Ibi tó kù sí ni pé `mobile` ò sọ pé nọ́ńbà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú tẹ́ẹ̀sì tí mo fi ránṣẹ́, 134 ò dé, nígbà tí mo pe díẹ̀ lára wọn, wọn ò lọ rárá. Yíyẹ̀wò tó ń bi nẹ́tíwọ̀kì bóyá nọ́ńbà ṣì wà lórí ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní HLR, yàtọ̀ síyẹn, òun ni mo máa fi kún un nígbà míì.