Ẹ wo ibi tí wáyà dúdú ti jáde kí ẹ tó san owó bátìrì tán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bátìrì ínfátà ní Ìlọrin, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tó ń tà á, tó sì ń bá èèyàn so ó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Bátìrì túbúlà mẹ́rin, oní-fóòtì 12, ló so fún mi nílé wa ní Tánkẹ̀. Ó fi wáyà kúkúrú so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, àmọ́ ara bátìrì àkọ́kọ́ ló ti fa wáyà méjèèjì tó lọ sí ínfátà. Kò pé ọdún kan ààbọ̀ tí àkọ́kọ́ yẹn fi kú. Ó ní, "Àlàájì, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ ra ẹyọ kan sí i." Mo rà á. Ojú kan náà ló gbé e sí, nígbà tó sì máa fi tó oṣù mẹ́jọ, omi rẹ̀ ti ń gbẹ ṣáájú tàwọn yòókù. Mo tún pè é. Ó fi mítà kan orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ka fóòtì 12.6. "Ẹ ti rí i? Iṣẹ́ mi ò ní àbùkù."

Irọ́ ni. Bátìrì tí a so pọ̀ báyìí, fóòtì wọn á máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni. Áńpù ló ń tú àṣírí.

Àbúrò mi tó ń ṣe iná ní Òmù-Àrán ló gbé mítà tó ń di wáyà mú lẹ́nu wá, èyí tó lè ka iná bátìrì, kì í ṣe iná ìjọba nìkan. A tan firíìjì àti fáànù. Wáyà ńlá tó lọ sí ínfátà ka áńpù 40. Èyí tó so àkọ́kọ́ mọ́ ìkejì ka 26, ìkejì sí ìkẹta 15, ìkẹta sí ìkẹrin 7. Ẹ yọ 26 kúrò nínú 40: bátìrì àkọ́kọ́ nìkan ń gbé 14, ìkejì 11, ìkẹta 8, ìkẹrin 7. Ìlọ́po méjì iṣẹ́ ìkẹrin ni àkọ́kọ́ ń ṣe!

Ohun tó fà á ni pé wáyà kúkúrú wọ̀nyẹn máa ń dí iná lọ́nà díẹ̀. Lóòótọ́, ìdíwọ́ yẹn kéré, àmọ́ èyí tó wà nínú bátìrì fúnra rẹ̀ náà kéré bẹ́ẹ̀. Iná ìkẹrin ń gba wáyà mẹ́fà kọjá, ti àkọ́kọ́ ò gba ìkankan. Bí sólà bá sì ń rọ iná padà, àkọ́kọ́ náà ló ń gba púpọ̀, ìkẹrin kì í tètè kún.

A ra ọ̀pá bàbà méjì, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún dúdú, a sì gé wáyà mẹ́jọ láti so bátìrì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá méjèèjì ní tààrà, sẹ̀ǹtímítà 60 ni ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n nípọn bákan náà. Ara ọ̀pá la ti wá fa wáyà lọ sí ínfátà. Bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gan-an ò nílò ju 20 lọ, àmọ́ a ò gé tirẹ̀ kúrú, a ká èyí tó ṣẹ́kù ni. Wáyà tó ń ṣẹ́kù yìí ni oníṣòwò yẹn ń ṣahun sí. Lẹ́yìn náà, mítà ka 11, 10, 10, 9.

Ẹni tówó ò bá tó fún ọ̀pá, kó fa wáyà pupa lára àkọ́kọ́, kó fa dúdú lára èyí tó kẹ́yìn. Fún bátìrì méjì, ó pé. Fún mẹ́rin, kò dọ́gba tán, àmọ́ ó sàn jìnnà sí ti ọ̀gbẹ́ni yẹn. Bátìrì tó ti kú tẹ́lẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ jí o.

Tí wọ́n bá so tiyín tán, ẹ tan nǹkan sí i, kí wọ́n fi mítà di wáyà mú níṣojú yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ di owó tó ṣẹ́kù mú.