Ìntánẹ́ẹ̀tì ilé ní Ìkòròdú: èwo ló máa ń lọ geere ní aago mẹ́sàn-án alẹ́?

Aago méjì ọ̀sán ni ẹni tó ń ta ráútà máa ń wá. Á ki síìmù bọ̀ ọ́, á tan án, á ṣí Speedtest lórí fóònù rẹ̀, nọ́ńbà á sì máa gòkè títí á fi dé 35 Mbps. Inú oníbàárà á dùn, owó á jáde lápò. Irọ́ kọ́ ni nọ́ńbà yẹn o. Bó ṣe rí gan-an lọ́sàn-án nìyẹn. Àmọ́ lásìkò yẹn, ogunlọ́gọ̀ ará Ìkòròdú ti gba Máìlì 12 kọjá. Wọ́n wà ní Ìkẹjà, ní Yábàá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń lò. Bí aago méje ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tó bá máa fi di mẹ́sàn-án, wọ́n ti jẹun tán, kálukú ti ṣí fíìmù, àwọn ọmọ ti gba fóònù kejì. Òpó tó wà ní Agric tàbí Ìgbógbó, tí àwọn díẹ̀ ń lò lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò ló wá dì mọ́ ọn lálẹ́.

Torí náà, ohun tí mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan bi olùtajà ni pé: èló ni màá rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nínú yàrá tèmi? Ìbéèrè yẹn náà ni mo fi wọn àwọn oríṣi tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa. Gbogbo wọn pátá ni èèyàn ń pín lò. Ibi tí èrò ti ń pàdé ló yàtọ̀.

Ráútà onísíìmù

Níbí, inú afẹ́fẹ́ ni èrò ti ń pàdé, láàárín òpó àti ilé yín. Òpó kan sábà máa ń pín àyíká rẹ̀ sí apá mẹ́ta. Ìgbì 4G kan tó fẹ̀ tó 20 MHz, lórí àwọn ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀, kò lè gbé ju bíi 150 Mbps lọ fún apá kan, ìyẹn tí gbogbo nǹkan bá dára. Gbogbo ẹni tó wà ní apá yẹn ló máa pín in. Tí ọgọ́ta èèyàn bá ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, 2.5 Mbps ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ ní ti gidi, torí ẹni tó jìnnà sí òpó, tàbí tó wà lẹ́yìn ògiri mẹ́ta, máa ń gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ òpó kí dátà kékeré tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú àkókò àwọn yòókù ni wọ́n ti ń yọ tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń hàn lókè fóònù kò fi lè dáàbò bo owó yín. Ìlà yẹn ń sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn òpó sí. Kò sọ iye àwọn tó ń bá òpó náà sọ̀rọ̀.

5G sàn jù lọ́nà yìí. Ìgbì tí NCC tà fún 5G ní December 2021 jẹ́ 100 MHz fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po márùn-ún èyí tí mo fi ṣírò lókè. Àmọ́ kì í rìn jìnnà, ògiri sì máa ń dá a dúró. Ẹ wo ojú ráútà kí ẹ tó sanwó: tó bá ń padà sí 4G nínú yàrá yín, owó 5G lẹ san láti fi ra 4G.

Ráútà olórédíò orí òrùlé

Èyí ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó máa ń gbé díìṣì kékeré sórí ilé, tí wọ́n á kọjú rẹ̀ sí òpó wọn. Àwọn ẹ́sítéètì fẹ́ràn wọn, torí ẹni tó tà á fún yín lè máa gbé ní òpópónà kejì. Ibi tí èrò ti ń pàdé níhìn-ín ni ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ náà rà, tó wá ń gé tà. Ẹ béèrè nọ́ńbà méjì péré: báwo ni ọ̀nà yẹn ṣe tóbi tó, èèyàn mélòó ló sì wà lórí rẹ̀? Ká ní 200 Mbps ni wọ́n rà, tí ọgọ́rin oníbàárà sì ń san owó 10 Mbps kọ̀ọ̀kan. 800 ni wọ́n tà látinú 200, mẹ́rin sí ọ̀kan. Ìyẹn ṣì dáa, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Tí oníbàárà bá di irínwó lórí 200 kan náà, ogún sí ọ̀kan ti dé, alẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí ti dáhùn ẹ̀.

Fáíbà, àti sátẹ́láìtì

Tí wáyà fáíbà bá ti dé òpópónà yín, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò. Lórí irú tó wọ́pọ̀, GPON, okùn kan máa ń gbé nǹkan bíi 2,488 Mbps wá, wọ́n á sì pín in fún ilé méjìlélọ́gbọ̀n tàbí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kódà tí ilé méjìlélọ́gbọ̀n bá jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, 77 Mbps ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá falẹ̀ lálẹ́, ẹ̀yìn ni ẹ̀bi sábà máa ń wà, lórí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà gbà jáde kúrò ládùúgbò. Ìṣòro tiwa ni pé ọ̀pọ̀ òpópónà ni kò tíì dé, àwọn tó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà sì máa ń gé e.

Sátẹ́láìtì náà kò bọ́ lọ́wọ́ èrò, bí àwọn kan ṣe rò. Starlink bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní January 2023. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, máàpù wọn ń gbé "Sold Out" jáde fún Èkó, torí àwọn tó wà lórí rẹ̀ ti kún.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ kí owó tó jáde

Ẹ ra síìmù nìkan, pẹ̀lú dátà kékeré, kí ẹ fi sínú fóònù yín, kí ẹ sì dán an wò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbi tí ráútà máa jókòó sí. Ẹ má ṣe é ní àṣetúnṣe láìṣírò: 40 Mbps fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jẹ́ 400 mẹ́gábíìtì, ìyẹn 50MB tó ti lọ fún ìdánwò kan. Ti orí òrùlé àti ti fáíbà, ẹ wá aládùúgbò tó ń lò ó, kí ẹ kí i lálẹ́.

Bí ẹ ṣe máa jẹ́rìí sí i tí ẹ bá ti rà á

Ìyá kan wà ní Agric tó ń ta aṣọ, fídíò ló sì fi ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lálẹ́. Àwòrán ń dúró sójú kan, ìpè ń já. Ẹni tó ta ráútà fún un ní ráútà ló ti dàgbà, kó ra èyí tó tóbi jù. A so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ráútà pẹ̀lú wáyà kí Wáì-Fáì má bàa dá sí ọ̀rọ̀ náà, a yọ gbogbo fóònù ilé kúrò lórí Wáì-Fáì, a sì tẹ èyí sínú Command Prompt ti Windows:

```
ping -n 50 192.168.8.1
ping -n 50 8.8.8.8
```

Ti àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì ráútà tirẹ̀ (ti ẹlòmíì lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ó wà lára ráútà). Ìkejì ti jáde síta. Ping ń sọ bó ṣe pẹ́ tó kí ìdáhùn tó padà wá. A sì ka RSRP, ìyẹn bí ohùn òpó ṣe lágbára tó, àti SINR, ìyẹn bí ohùn náà ṣe borí ariwo tó, lójú ìwé ráútà náà.

| Àkókò | Speedtest | ping sí ráútà | ping síta | RSRP | SINR |
|---|---|---|---|---|---|
| 5:30 ìdájí | 41 Mbps | 1 ms | 34 ms | -86 | 17 |
| 2:00 ọ̀sán | 33 Mbps | 1 ms | 38 ms | -86 | 14 |
| 9:00 alẹ́ | 2.6 Mbps | 1 ms | 210 ms | -87 | 5 |

Ẹ wo RSRP: kò kúrò lójú kan. Òpó kò jìnnà sí i lálẹ́, ráútà kò sì di adití. Ping sí ráútà kò yí padà, torí náà ẹ̀bi kò sí nínú ilé. SINR ló já wálẹ̀, torí lálẹ́ gbogbo òpó tó wà nítòsí ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo tiwọn sì ń bo ti òpó yìí mọ́lẹ̀. Ping síta fò sókè torí dátà rẹ̀ wà lórí ìlà, ó ń dúró kó kàn án. Ráútà tuntun kò lè tún ìkankan nínú èyí ṣe.

Èyí tó ya ìyá náà lẹ́nu ni pé nígbà tí a ki síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn bọ ráútà kan náà ní aago mẹ́sàn-án, RSRP rẹ̀ burú jù, -97, síbẹ̀ 14 Mbps ló gbé wá. Òpó tó jìnnà, tí èrò kò pọ̀ lórí rẹ̀, lu èyí tó wà nítòsí tó ti kún. Síìmù ló pààrọ̀, ráútà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tí mo fẹ́ràn ni ọjọ́ Àìkú. Tí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tàbí ti ọjọ́ ìsinmi bá falẹ̀ bíi ti alẹ́, tí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ń lọ geere, èrò ni. Wọ́n wà nílé.

Fún fáíbà tàbí ti orí òrùlé, ẹ fi `tracert -d 8.8.8.8` kún un, ní ìdájí àti lálẹ́. Ó máa ń to àwọn ibi tí dátà yín ń gbà kọjá ní ìlà-ìlà. Ìlà kìíní ni ráútà yín, ìkejì sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Tí ìkejì àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e bá fò sókè lálẹ́ nìkan, àárín ilé yín àti òpó wọn ló há. Tí ìkejì bá dúró, tó wá jẹ́ pé láti ìkẹta tàbí ìkẹrin lọ ló ti ga, ọ̀nà ńlá wọn ló kún. Ìlà kan ṣoṣo tó ga, tí àwọn tó tẹ̀ lé e sì kéré, kò já mọ́ nǹkan kan.

Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Tó bá falẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí náà, tí nọ́ńbà sì dúró sójú kan bíi 1 Mbps títí oṣù fi parí, ẹ ti lo dátà yín kọjá ààlà, ilé-iṣẹ́ ti dín in kù ni. Tó bá jẹ́ pé ping sí ráútà ló ń fò láti 2 ms sí 150 ms lórí Wáì-Fáì, àmọ́ tó dára lórí wáyà, Wáì-Fáì àwọn ará ilé ló ń já ara wọn gbà. Ẹ gbé e lọ sí 5 GHz. Tí RSRP bá sì yí padà nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, òpó tó sún mọ́ yín ló kú, ẹ ti bọ́ sórí òmíràn.

Ní tèmi, bí fáíbà ò bá tíì dé, ráútà tí wọn ò tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ni màá rà, pẹ̀lú síìmù méjì, màá sì máa san owó oṣù kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má san ti ọdún kan torí ẹ̀dínwó. Tẹ́ ẹ bá ti ní táblì bíi ti òkè yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì bi yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn.